Bíà, mínírà àti ikùn tí kò lọ: níbo ni kálórì ń gbà wọlé?

Ẹ dé ọgbà ẹja èyíkéyìí ní Àbújá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹ óò bá àríyànjiyàn yìí lórí tábìlì. Ẹnì kan á ní bíà ló ń ta ikùn síta. Ẹnì kejì á ní kì í ṣe bíà rárá, súyà tí wọ́n fi ń tì í ni. Ẹnì kẹta tí kì í mutí á gbé móòtì rẹ̀ dání, á máa wò wọ́n bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn. Ọ̀rọ̀ kàn án o. Ìgò móòtì kékeré kan sábà máa ń ní kálórì ju agolo bíà tó bá a dọ́gba lọ.

Kí ló ń gbé ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan?

Ohun méjì ni, ọ̀dọ̀ ìjọba sì ni méjèèjì ti wá. Àkọ́kọ́ ni owó-orí ohun mímu dídùn. Òfin Ìnáwó ti 2021, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún náà, fi náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò tó ní ṣúgà. Lórí ìgò sẹ̀ntílítà 50, náírà 5 péré nìyẹn. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń jà fún ìlera ní owó náà kéré ju èyí tó lè mú kí oníbàárà ronú lẹ́ẹ̀mejì, torí Àjọ Ìlera Àgbáyé fẹ́ kí irú owó-orí bẹ́ẹ̀ gbé iye ọjà sókè ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán. Àwọn oníléeṣẹ́ ń fèsì pé nǹkan ti wọ́n tẹ́lẹ̀, wọ́n ní bí owó-orí bá tún gùn sí i, iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn.

Èkejì ni ọtí líle inú ọ̀rá pélébé. Láti 2018 ni àdéhùn ti wà pé wọn yóò fà á kúrò lọ́jà. Ní oṣù Kejì 2024 ni àjọ NAFDAC bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òfin mú un, wọ́n sì tún sún gbèdéke náà síwájú lẹ́yìn ìgbà náà. Àtọ̀gbẹ àti ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ kéékèèké tó ń mutí ni àwọn aláṣẹ ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá ti dé àárín ìlú, ti ikùn ló máa ń dà, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú.

Kálórì mélòó ló wà nínú ìgò kan?

Ìgò bíà kì í sábà kọ iye kálórì sára. Ìdá ọtí tó wà nínú rẹ̀ ló máa ń kọ, ìyẹn sì tó fún ẹni tó mọ ìṣirò rẹ̀. Mílílítà kan ọtí pọ́ńbélé wọn gírámù 0.789. Gírámù ọtí kan ní kálórì 7. Ti ṣúgà jẹ́ 4, ti ọ̀rá jẹ́ 9. Ìgò ńlá sẹ̀ntílítà 60 tí wọ́n kọ ìdá 5.1 sí lára yóò wá rí báyìí:

```
600 × 0.051 × 0.789 = 24 g
24 × 7 = 168 kcal
```

Ẹ fi nǹkan bí 70 kún un fún ìyókù ọkà tí kò tíì di ọtí nínú rẹ̀, ó di 240 tàbí kó lé díẹ̀. Bíà dúdú tí ìdá ọtí rẹ̀ jẹ́ 7.5 tún wúwo jù bẹ́ẹ̀: ọtí inú ìgò ńlá rẹ̀ nìkan tó kálórì 250, kí a tó ka ọkà rẹ̀. Ẹni tó ń mu ún torí wọ́n ní ó ń fún ni lẹ́jẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ohun tó tún ń fún ni.

Ti mínírà rọrùn. Ọ̀pọ̀ wọn ní ṣúgà gírámù 10 sí 11 nínú mílílítà 100, nítorí náà ìgò oníke sẹ̀ntílítà 50 gbé nǹkan bíi gírámù 53. Tí a bá ka kóró ṣúgà kan sí gírámù 4, kóró 13 nìyẹn, ó sì tó kálórì 210. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣì í ni ara ìgò fúnra rẹ̀. Iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ti mílílítà 100. Ẹni tó bá rí 42 níbẹ̀, tó rò pé ti gbogbo ìgò ni, ti fi ìlọ́po márùn-ún tan ara rẹ̀.

Ṣé ọtí máa ń di ọ̀rá lára?

Díẹ̀ bíńtín ni. Ohun tó ń ṣe yàtọ̀, òun sì ni gbogbo àríyànjiyàn orí tábìlì yẹn ń fò dá.

Ara ní ibi tó ń kó ṣúgà pamọ́ sí, ó ní ibi tó ń kó ọ̀rá sí, ṣùgbọ́n kò ní yàrá kankan fún ọtí. Májèlé ni lójú ẹ̀dọ̀, àfi kó tètè lé e jáde. Àwọn ará Àbújá mọ bó ṣe máa ń rí tí kónfọ́ì ẹni ńlá kan bá ń bọ̀ láti pápákọ̀ òfurufú, tí fèrè ń dún: gbogbo ọkọ̀ yòókù á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọn á dúró. Bí ọtí ṣe ń kọjá nínú ara nìyẹn. Ọ̀rá tí ara ì bá máa jó lọ́wọ́ ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó ń dúró kí ọtí kọjá.

Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1999 ní Amẹ́ríkà fi èyí hàn kedere. Wọ́n fún àwọn ọkùnrin mẹ́jọ tí ara wọn le ní gírámù ọtí 24, ìyẹn bí ìgò ńlá kan tí a ṣírò lẹ́ẹ̀kan. Jíjó tí ara wọn ń jó ọ̀rá fi ìdá 73 nínú ọgọ́rùn-ún wálẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọtí náà fúnra rẹ̀, ohun tó di ọ̀rá kò tó ìdá 5. Ẹ̀dọ̀ máa ń lé nǹkan bíi gírámù 7 sí 10 lọ ní wákàtí kan, nítorí náà ìgò ńlá kan lè dí ọ̀nà fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta. Ẹni tó bá mu mẹ́ta ní aago mẹ́jọ alẹ́ á sùn, á jí, kónfọ́ì ò ní tíì kọjá tán.

A ti rí i nísinsìnyí pé àwọn méjèèjì tó ń jiyàn lórí tábìlì ní òtítọ́ díẹ̀ lọ́wọ́. Bíà kọ́ ló fọwọ́ ara rẹ̀ di ikùn. Ọ̀rá inú súyà àti epo tí wọ́n fi dín ẹja ló lọ jókòó síbẹ̀, torí bíà ti gba ọ̀nà tí wọn ì bá fi jó. Ṣùgbọ́n ìdádúró yẹn kì í ṣe títí láé. Tí àpapọ̀ oúnjẹ àti ohun mímu kò bá ju ohun tí ara ń ná lọ, ara á padà jó ohun tó kù lọ́jọ́ kejì. Iye tó wọlé láàárín ọ̀sẹ̀ ló ń pinnu, kì í ṣe alẹ́ ọjọ́ Ẹtì nìkan.

Mínírà ńkọ́, tí kò ní ọtí nínú?

Àwọn kan gbà pé ṣúgà burú ju kálórì inú rẹ̀ lọ, torí ó ń ru ínsúlíìnì sókè, ínsúlíìnì sì ń sọ fún ara pé kó má tíì tú ọ̀rá sílẹ̀. Àwọn mìíràn ní kálórì ni kálórì. Òótọ́ ni pé ínsúlíìnì ń ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìrẹsì àti iyán náà ń rú u sókè. Ohun tó yà mínírà sọ́tọ̀ ju ìyẹn lọ ni pé ikùn kì í kà á mọ́ oúnjẹ.

Ní 2000, wọ́n dán an wò lára èèyàn 15. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kálórì 450 lóòjọ́ láti inú súwíìtì. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mìíràn, iye kan náà láti inú mínírà. Nígbà tí wọ́n ń jẹ súwíìtì, wọ́n dín oúnjẹ yòókù kù láìmọ̀, àpapọ̀ wọn kò yí padà. Nígbà tí wọ́n ń mu mínírà, wọn ò dín nǹkan kan kù, ìwọ̀n wọn sì gòkè. Kálórì kan náà ni méjèèjì, ṣùgbọ́n ara gbọ́ ti ọ̀kan, kò gbọ́ ti èkejì.

Ní Àbújá, ooru tún dá sí i. Láàárín oṣù Kẹta sí Ìkẹrin, tí gọ-sílóò bá di èèyàn mọ́ Nyanya, òùngbẹ ló ń ra mínírà lọ́wọ́ ọmọ tó gbé e lórí, kì í ṣe ebi. Omi ni ara ń béèrè, kóró ṣúgà 13 ló bá a wá.

Kí ló dé tí ẹni tó ń ṣọ́ oúnjẹ jẹ kò fi rí ìyàtọ̀?

Ká mú àpẹẹrẹ kan: òṣìṣẹ́ kan tó ń gbé ní Kúbwà, tó ń ṣiṣẹ́ láàárín ìlú, ó wọn kílò 94. Ó ṣírò pé ara òun ń ná kálórì 2,600 lóòjọ́. Ó ṣètò oúnjẹ sí 2,200: ẹ̀bà kékeré kan dípò méjì, kò sí búrẹ́dì alẹ́. Àlàfo 400 lóòjọ́ di 2,800 lọ́sẹ̀. Kílò ọ̀rá kan jẹ́ nǹkan bíi kálórì 7,700, nítorí náà ó ń retí kílò mẹ́ta dín díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ pé, ìwọ̀n dúró lójú kan.

Kò purọ́ lórí oúnjẹ. Ohun tó ń mu ni kò kọ sílẹ̀. Mínírà kan lọ́sàn-án láti ọjọ́ Ajé sí Ẹtì, 1,050. Bíà ńlá mẹ́ta ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, 720. Ní òde ìnáwó ọjọ́ Àbámẹ́ta, móòtì méjì, 360, àti bíà ńlá kan, 240. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,370. Súyà ọjọ́ Ẹtì tí kò sí nínú ètò gbé nǹkan bí 400 mìíràn. Àlàfo 2,800 ti di 30.

Nǹkan mìíràn tún wà tó máa ń dà á rú. Ó ń wọn ara rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Bíà ti mú kó tọ̀ púpọ̀ lóru, ìwọ̀n á wálẹ̀ díẹ̀, inú rẹ̀ á dùn. Ní ọjọ́ Àìkú, iyọ̀ inú súyà àti oúnjẹ òde á ti di omi mọ́ ara, ìwọ̀n á gòkè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, á bínú. Omi ni méjèèjì. Ẹni tó fẹ́ mọ òótọ́ á wọn ara rẹ̀ láàárọ̀ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀, lẹ́yìn tó bá ti lo ilé ìyàgbẹ́ tán, kó tó jẹun. Á pín àpapọ̀ rẹ̀ sí mẹ́ta, á sì fi ti ọ̀sẹ̀ yìí wé ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Tépù tí wọ́n fi ń wọn aṣọ, tí a yí mọ́ ikùn ní ojú ìdodo, tún ń sọ òtítọ́ ju ìwọ̀n lọ nígbà míì.

Báwo ló ṣe lè dín in kù láìsá fún ọ̀rẹ́?

Ẹni yẹn kò ní láti fi ohun gbogbo sílẹ̀. Ká ní ó dín mínírà márùn-ún kù sí méjì, 630 ti lọ. Bíà ọjọ́ Ẹtì di méjì, 240 lọ. Móòtì òde di ẹyọ kan, 180 lọ. Súyà wà síbẹ̀, ṣùgbọ́n ó gba ipò oúnjẹ alẹ́ dípò kó máa tẹ̀lé e. Àlàfo ọ̀sẹ̀ padà sí 1,480, èyí tó lé díẹ̀ ní kílò kan ààbọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Kò yára, ṣùgbọ́n ohun tó ṣeé ṣe títí ọdún á yí ni.

Bó ṣe máa ṣe é lójúmọ́ ló le. Mínírà ọ̀sán ni kó kọ́kọ́ fọwọ́ kàn, torí ibẹ̀ ni àṣà ti ń ṣe é, kì í ṣe ìgbádùn. Kó mu píọ̀ wọ́tà tútù kan kí oúnjẹ ọ̀sán tó dé. Tí òùngbẹ bá ti lọ, ó rọrùn láti sọ pé rárá. Kó yan ọjọ́ méjì tí yóò mu ún ṣáájú, kó má ṣe fi í sílẹ̀ di ìgbà tó bá wù ú, torí ojoojúmọ́ ló máa ń wuni. Ohun tó sábà máa ń bà á jẹ́ ni pé ẹni tó fi mínírà ọ̀sán sílẹ̀ á lọ ra júùsì ìrọ̀lẹ́, á ní èso ni. Júùsì ọsàn tí wọn ò fi nǹkan kan kún ní ṣúgà bíi gírámù 9 nínú mílílítà 100. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá mínírà dọ́gba.

Ní ọgbà ẹja, kó má dé pẹ̀lú òùngbẹ. Ẹni tó mu píọ̀ wọ́tà méjì kó tó kúrò níbi iṣẹ́ kò ní fi ìgò àkọ́kọ́ pa òùngbẹ. Kó bèèrè agolo sẹ̀ntílítà 33, tó jẹ́ nǹkan bíi 135, dípò ìgò ńlá. Kó sọ fún ẹni tó ń gbé ọtí pé kó má palẹ̀ àwọn ìgò tó ti ṣófo mọ́, torí ìgò tó dúró lójú ẹni ló ń jẹ́ kí a rántí iye. Tí ẹnì kan bá fẹ́ ṣe gbogbo tábìlì lálejò, èyí tí a ò lè sá fún láàárín ọ̀rẹ́, kó tètè sọ pé omi ni tòun ní yípo yìí kí wọ́n tó ṣí ìgò. Tí wọ́n bá ti ṣí i, ìtìjú á mu ún.

Ohun tí kò ṣiṣẹ́ ni kí èèyàn má jẹun láti àárọ̀ kó lè fi àyè sílẹ̀ fún bíà. Ọtí tó bá ikùn tó ṣófo pàdé máa ń yára wọ ẹ̀jẹ̀, ó ń ru ebi sókè, ó sì ń gba ìkóra-ẹni-níjàánu lọ. Ní aago mọ́kànlá alẹ́, ẹni tó fi kálórì 600 pamọ́ lọ́sàn-án á jẹ súyà 1,000.

Sóbò, kúnnú àti tíì ọ̀dọ̀ màì ṣàyí ńkọ́?

Fún ọ̀pọ̀ èèyàn lókè Ọya, ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ní Kánò, tí òfin Ṣàríà ti de ọtí, kì í ṣe bíà ló ń dá ikùn ọ̀pọ̀lọpọ̀ sílẹ̀. Sóbò, ìyẹn omi ìṣápá pupa, kò ní kálórì tó ṣeé kà tó bá jẹ́ ewéko náà nìkan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá da ife tíì kan ṣúgà, nǹkan bíi gírámù 200, sínú lítà méjì ti se mínírà nílé: gírámù 10 nínú mílílítà 100. Kúnnú ti ní ọkà nínú kí wọ́n tó fi ṣúgà sí i. Tíì màì ṣàyí, tó ń da mílíìkì dídùn inú agolo sí, tó tún ń bu ṣúgà lé e, kì í ṣe ohun tí a lè kà sí omi lásán. Ní àwẹ̀ Ramadan, tí a bá fi gbogbo wọn ṣínu lẹ́sẹ̀ kan náà, èèyàn lè gbààwẹ̀ ọgbọ̀n ọjọ́ kó sanra.

Ahọ́n máa ń kọ́ nǹkan tuntun, tí a ò bá já a gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Sóbò lítà méjì tó ń gba gírámù 200 lè gba 150 ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, 100 ní ọ̀sẹ̀ kejì, 60 lẹ́yìn náà. Atalẹ̀, kànáfùrù àti èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí a sè pọ̀ mọ́ ọn á gba apá kan nínú iṣẹ́ ṣúgà. Ẹni tó fò láti 200 sí òfo á mu ife kan, á sọ pé egbòogi ni, á padà sídìí mínírà.

Ṣé mínírà tí kò ní ṣúgà ló dára jù?

Àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò. Ní oṣù Karùn-ún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbani nímọ̀ràn pé kí àwọn èèyàn má fi àwọn ohun adùn tí kì í ṣe ṣúgà dín ìwọ̀n ara kù, torí wọn kò rí àǹfààní rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Àwọn tó ń ta kò ó ní nínú ìdánwò tí wọ́n ti fi í rọ́pò mínírà oníṣúgà, ìwọ̀n wálẹ̀ díẹ̀. Ohun méjì tó yàtọ̀ ni wọ́n ń wí. Fún ẹni tó ń mu mínírà márùn-ún lọ́sẹ̀, ìyípadà náà yọ 1,050 kúrò lóòótọ́. Fún ẹni tó ń mu omi tẹ́lẹ̀, kò sí ohun tó fẹ́ fi ṣe. Èyí tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá ni ti ọtí kíkorò eléwé àti egbò tí wọ́n ní ó ń yọ́ ọ̀rá. Ọtí ni, kónfọ́ì rẹ̀ ń dí ọ̀nà bíi ti yòókù.

Ta ni kò gbọdọ̀ dá a ṣe fúnra rẹ̀?

Ẹni tó ń mu púpọ̀ lójoojúmọ́, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n láàárọ̀ kó tó fẹnu kan ọtí, kò gbọdọ̀ já a lójijì. Láàárín wákàtí 6 sí 24 lẹ́yìn èyí tó mu gbẹ̀yìn, òógùn, ìgbọ̀nrìrì àti àìrí oorun sùn lè bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọjọ́ méjì, gìrì lè gbé e, ó sì lè pa á. Oògùn wà fún un ní ilé ìwòsàn, dókítà ló sì yẹ kó bá a ṣètò bí yóò ṣe dín in kù.

Ẹnì kejì ni alátọ̀gbẹ tó ń lo ínsúlíìnì tàbí oògùn tó ń ti ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Nígbà tí ẹ̀dọ̀ bá ń lé ọtí, kì í ráyè ṣe ṣúgà tuntun fún ẹ̀jẹ̀. Tí onítọ̀hún kò bá jẹun, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ lóru: á máa làágùn, á máa sọ ìsọkúsọ, ojú rẹ̀ á dàrú, àwọn tó jókòó tì í á sì rò pé ó ti yó. Tó bá ṣì lè gbé nǹkan mì, mínírà ìdajì ife sí ife kan ni kí wọ́n fún un lójú ẹsẹ̀, èyí tó ní ṣúgà o, kì í ṣe èyí tí kò ní. Tí kò bá lè gbé nǹkan mì mọ́, kí wọ́n má da ohunkóhun sí i lẹ́nu, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.